Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Irùngbọ̀n Rẹ̀ Hù Ségesège

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Irun tó fẹ́lẹ́ náà ní ìwọ̀n gígùn tó lè gbé, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tí irùngbọ̀n wọn hù ségesège kì í kà sí. Wọ́n á jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gùn bákan náà, wọ́n á máa retí pé gígùn ni yóò bo ibi tó ṣófo. Àṣírí ni gígùn máa ń tú, torí bí àgbọ̀n bá ṣe ń dúdú tó ni òfìfo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń hàn tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí àgbọ̀n òun rí bí èyí tó kún, kó gé ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrú, kó sì dá ti abẹ́ àgbọ̀n sí.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irùngbọ̀n máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lóṣù, kì í sì í hù lẹ́ẹ̀kan náà níbi gbogbo. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó pinnu pé ibì kan ṣófo. Bó bá ń yún yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ má gba ẹni tó ní kí ẹ máa fá a kó lè nípọn gbọ́. Abẹ kì í dé gbòǹgbò irun. Ẹnu irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló máa ń le lọ́wọ́ tó fi ń tan èèyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọkùnrin ẹni ọdún 26 kan tí irun kún ní àgbọ̀n rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀, tó fẹ́lẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, tí irunmú rẹ̀ kò sì kan irùngbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, kó fọ irun náà, kó jẹ́ kó gbẹ, kó fi òòyà yà á. Irun wa tó lọ́ máa ń nà bó bá tutù, yóò sì sún kì bó bá gbẹ. Ẹni tó gé e ní tútù yóò gé e jù. Gáàdì nọ́ńbà 1, tó ń dá irun mìlímítà 3 sí, ni kó lò fún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kó lo nọ́ńbà 2, mìlímítà 6, ní etí eegun àgbọ̀n, kó sì lo nọ́ńbà 3, tó tó mìlímítà 10, fún ojú àgbọ̀n gan-an. Níbi tí gáàdì kan ti pàdé èkejì, kó máa gbé kílípà kúrò lára díẹ̀díẹ̀ kí ààlà má bàa hàn. Kó má fọwọ́ kan igun irunmú. Kó máa yà á wálẹ̀ títí yóò fi bo àlàfo ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Ọrùn ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ onígerun máa ń fá a gòkè dé orí eegun àgbọ̀n. Ẹran abẹ́ àgbọ̀n á wá yọ síta, ojú á sì dà bíi pé kò ní àgbọ̀n. Ẹ gbé ìka méjì lé òkè gògóńgò. Ibẹ̀ ni kí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, kó yí lọ sókè dé ẹ̀yìn etí. Irun tó wà láàárín ìlà yìí àti eegun ló ń mú kí àgbọ̀n wúwo lójú. Nísàlẹ̀ ìlà, ẹ lo kílípà láìsí gáàdì dípò abẹ. Irun tó lọ́ tí abẹ gé mọ́ awọ lè yí padà wọnú ara, kó sì di bọ́ǹpù.

Ó ní ibi tí ọgbọ́n gígé kò dé. Irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣì máa ń kún sí i títí wọ́n fi súnmọ́ ọmọ 30 ọdún, àmọ́ ìran ẹni ló ń pinnu bí yóò ṣe pọ̀ tó. Bí ibi tí irun wà tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé pá róbótó tó ń dán, tàbí tó yún tó sì ń hó bíi làpálàpá, dókítà awọ ara ló ni ín.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí ẹ bá jókòó síwájú onígerun, kó tó tan kílípà, ẹ fi ìka hàn án níbi tí ìlà ọrùn yóò gbà, ẹ sọ nọ́ńbà gáàdì tí ẹ fẹ́ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ sì ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gùn jù. A lè tún gé ohun tó gùn. Ohun tó bá kúrú jù, oṣù kan ni yóò gbà.