Òkùnkùn Ò Mọ Kọ́mà

Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Ọmọ lè pàdé bàbá tó bí i lójú ọ̀nà lálẹ́, kó sì bi í pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Bí òkùnkùn ṣe ń ṣe sí àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí àmì bíńtín tó wà lára páálí oògùn.

Ìyàwó àbúrò mi ń gbé ní Ganaja, níhìn-ín ní Lọ́kọ́ja. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ara ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ ń gbóná, oògùn tó sì kù nílé ni èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Kútọ̀nú fi rán awakọ̀ sí i. Èdè Faransé ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣíbí mélòó ni kí n fún un?"

Iṣẹ́ apoògùn ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà n kò dáhùn ìbéèrè ṣíbí yẹn. Mo kọ́kọ́ wo àwòrán. Iná fóònù ti dá páálí náà ní funfun báláú láàárín. Ohun tí mo rí kà ni Doliprane, lẹ́yìn náà "2", ohun kan bí ìdọ̀tí, "4 %", àti "suspension buvable". "Buvable" ni pé mímu ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí orúkọ kan náà ni wọ́n ń fún èyí tí wọ́n ń kì sí ọmọ nídìí. Bí ẹ bá rí "suppositoire" lára páálí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e sẹ́nu.

Ìdọ̀tí tó wà láàárín 2 àti 4 ló gba àkókò mi. Àwa níhìn-ín máa ń fi kọ́mà ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, àmì tíntín ìsàlẹ̀ la sì fi ń ya ohun tí kò pé ẹyọ kan. Àwọn Faransé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́mà ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ àmì tíntín, tí 2,4 wọn fi jẹ́ méjì àti díẹ̀. Bí kọ́mà bá sá mọ́ òkùnkùn, 2,4 ti di 24 nìyẹn, ìlọ́po mẹ́wàá.

Báwo ni ẹni tí kò rí kọ́mà ṣe lè mọ̀ pé ó ní láti wà níbẹ̀? Kó ṣírò. 2,4 % túmọ̀ sí pé gíráàmù 2,4 parasitámọ̀ ló wà nínú mílílítà 100, ìyẹn mìlígíráàmù 24 nínú mílílítà kan. Ẹ lọ wo parasitámọ̀ olómi tí wọ́n ń tà fọ́mọ ní kẹ́míìsì wa: mìlígíráàmù 120 tàbí 125 nínú mílílítà 5 ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ pín in sí márùn-ún, ẹ óò rí 24 tàbí 25. Agbára kan náà ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 24 % ni, mílílítà 5 péré yóò ní mìlígíráàmù 1,200, ó ju hóró méjì tí àgbàlagbà ń lò lọ. Oògùn ọmọ ọwọ́ wo ló lè rí bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ìṣirò bá bí irú ohun báyìí, ojú ló ṣìnà.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Ó ní sírinjì inú páálí ti sọnù, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà lára ìwé inú rẹ̀, nọ́mbà 8 ló sì rí lára rẹ̀, ọmọ náà sì jẹ́ kílò 8 gẹ́lẹ́ lórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ó ti ra sírinjì onímílílítà 10 ní kẹ́míìsì, ó fẹ́ fà á dé 8.

Ọ̀rọ̀ rèé. Nọ́mbà ara sírinjì Doliprane yẹn kì í ṣe mílílítà rárá, kílò ni. Wọ́n ti bá òbí ṣírò rẹ̀ sílẹ̀: bí ọmọ bá jẹ́ kílò 8, kí wọ́n fà á dé 8, yóò sì gba ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, mìlígíráàmù 15 fún kílò kan nígbà kọ̀ọ̀kan ni. Kílò 8 lọ́nà 15 jẹ́ 120. Ẹ fi 24 pín in, mílílítà 5 ni. Bí ó bá fi sírinjì kẹ́míìsì fà á dé 8, mìlígíráàmù 192 ni ọmọ yóò mu. Bó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin lójúmọ́, ó ti kọjá 760, nígbà tó jẹ́ pé 480 ló yẹ kó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni àpọ̀jù parasitámọ̀ ń bà jẹ́, ó sì lẹ́tàn: ọmọ lè máa ṣeré ní ọjọ́ kìíní bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti fún ọmọ ní àpọ̀jù kò gbọ́dọ̀ dúró kó rí àìsàn kó tó lọ sílé ìwòsàn, torí láàárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni oògùn tó ń pa oró náà ń ṣiṣẹ́ jù.

Lẹ́yìn èyí ni mo béèrè ohun tí páálí kò lè sọ: kí ni ọmọ ti mu lónìí? Ó ronú díẹ̀. Ó ní òun fún un ní parasitámọ̀ olómi tilé ní aago méje alẹ́, mílílítà 5. Oògùn kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀. Ara ìwé náà ni "toutes les 6 heures" wà, ìyẹn ni pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Kì í ṣe ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ o, bí ẹnì kan tó rí 6 nìkan ṣe lè rò. Nítorí náà, aago kan òru ló tó lè fún un lómìíràn. Mo ní kó tú aṣọ lára ọmọ, kó máa fún un lọ́mú, kó sì gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ibà bí ilẹ̀ bá mọ́, torí parasitámọ̀ kò pa kòkòrò ibà.

Mo tún ní kó ya àwòrán míì, kó tiẹ̀ lè dá mi lójú. Kó pa iná ara kámẹ́rà, kí ẹlòmíràn mú tọ́ọ̀ṣì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ya ojú kọ̀ọ̀kan páálí lọ́tọ̀, àti ara ìgò pẹ̀lú, torí ẹni tó bá yí páálí padà kò lè yí ohun tó wà lára ìgò bí kò bá fara balẹ̀. Èyí tó dé dára jù ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ àwọn àmì róbótó pọ̀ lára rẹ̀ tó fẹ́ kó mi ní ṣìbáṣìbo. Àmì táwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà ni wọ́n. Páálí oògùn Yúróòpù ní wọn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ a sì máa mú òjìji wọn jáde bí ẹni pé wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ wọ́n. Kò sí nọ́mbà NAFDAC níbì kankan. Ta ló mọ iye wákàtí tí ìgò yẹn ti fi sá oòrùn nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀?

Ní kùtùkùtù, ó tún fi àwòrán kẹta ránṣẹ́, tó yà lójú fèrèsé. Kọ́mà náà jókòó sáàárín 2 àti 4, dúdú kirimú, bí èèrà. Ó ti lẹ bébà mọ́ ara ìgò pẹ̀lú, ó fi báírò kọ ọ́: mílílítà 5, 1:05 òru.