Ọmọ Mi, Ka Bílì Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra

Ìwọ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ajẹ́ǹtì láàárín Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, mo mọ ojú ọ̀nà tí ò ń rìn. Láti Òṣòdì, gba Sẹ̀lé, gba Máìlì Tuù, ó di Àpápá. Mo ti rìn ín títí irun mi fi funfun. Púpọ̀ nínú ẹrù tí mo rí tó há sí ẹbúté, kì í ṣe Aṣọ́bodè ló há a. Bébà kan ni, èyí tí à ń pè ní bílì ọfù ledìn. Òun ni rìsíìtì pé ọkọ̀ gba ẹrù, òun ni ẹ̀rí àdéhùn láti gbé e, òun náà ló sì ń fi hàn pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Fa àga sún mọ́ mi.

1. Dráfùtì ni kí o kà, má dúró de ojúlówó. Nígbà tí bílì ṣì wà ní dráfùtì, ọ̀rọ̀ kan lórí Wásáàpù tó láti tún un ṣe. Tí ọkọ̀ bá ti gbéra, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ti fi mánífẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí Aṣọ́bodè, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa kọ àtúnṣe, Aṣọ́bodè ló máa gbà á wọlé, ìwọ lo máa sanwó. Ní gbogbo àkókò yẹn, owó ilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ẹbúté, démọ́réèjì ń pọ̀ sí i ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Gbèsè méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Má sì fi bíróò rẹ tún ohunkóhun kọ sórí bílì. Ayédèrú ni wọn yóò pè é.

2. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Fọ́ọ̀mù M ni kí o wò kí o tó gba orúkọ tó wà ní òkè bílì. Ṣípà ni ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, kọ́nsáìnì ni ẹni tí yóò gbà á. Oníbàárà mi kan kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ṣí Fọ́ọ̀mù M ní báńkì, àmọ́ ẹni tó ta ọjà fún un mọ̀ ọ́n lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ìyẹn ló sì kọ sí bílì. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú ìwé, ènìyàn méjì ni, PAAR tí Aṣọ́bodè fi ń gbé owó orí ẹrù kalẹ̀ kò sì jáde. Ọjọ́ 19 la fi ń bẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Mo ti rí dráfùtì yẹn kí ọkọ̀ tó gbéra o. Iye páálí nìkan ni mo kà.

3. Tí o bá rí "tú ọ́dà" níbi orúkọ kọ́nsáìnì, yí bílì padà, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Báńkì tó dúró fún owó ọjà ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, ẹrù kò sì ní jáde àfi tí báńkì bá fọwọ́ sí ẹ̀yìn bílì. Nótífáì pátì tó wà nísàlẹ̀ kò ní ẹrù; ẹni tí wọn yóò ta lólobó pé ọkọ̀ dé ni. Mẹ́ta ni ojúlówó bílì sábà máa ń jẹ́. Tí a bá ti fi ọ̀kan gba ẹrù, méjì yòókù ti kú.

4. Ibi tí ẹrù yóò sọ̀ sí kì í ṣe "Èkó" lásán. Àpápá yàtọ̀ sí Tinkáànù, Lẹ́kí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 sì jìnnà sí méjèèjì. Kà á, kí o kọjá.

5. Ka nọ́ńbà kọ̀nténà sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Lẹ́tà mẹ́rin ló ń ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀lé e, ọ̀kan sì kù lẹ́yìn. Ọ̀kan yẹn, ìṣirò mẹ́wàá tó ṣáájú ló bí i. Wo CSQU3054383: ìṣirò rẹ̀ já sí 3. Tí akọ̀wé bá fi 4 ṣáájú 5, tó kọ CSQU3045383, ìṣirò yóò já sí 1, àṣírí tú nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà kọ̀nténà ẹlòmíràn fún ọ láìṣì í kọ, ìṣirò yóò pé pérépéré. Nítorí náà, béèrè fọ́tò ilẹ̀kùn kọ̀nténà àti èdìdì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó di ẹrù.

6. Má pa ìwọ̀n méjì pọ̀. Ìwọ̀n tó wà lórí bílì jẹ́ ti ẹrù pẹ̀lú páálí àti páléètì rẹ̀. Láti oṣù Keje 2016 ni òfin àgbáyé ti ń béèrè ìwọ̀n mìíràn, tí kọ̀nténà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀. Ká ní ẹrù jẹ́ kílò 21,400, kí kọ̀nténà jẹ́ 3,800, ìwọ̀n kejì á di 25,200. Tí èyí bá ṣèèṣì bọ́ sórí bílì, tí ìwé àkójọ ẹrù sì ń sọ 21,400, Aṣọ́bodè á bi ọ́ léèrè kílò 3,800 tó lé, wọ́n sì lè ní kí o tú kọ̀nténà sílẹ̀.

Bílì tó wà lórí tábìlì rẹ báyìí, ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ti gbéra? Tí kò bá tíì gbéra, gbé Fọ́ọ̀mù M sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ.