Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà: Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Ẹni Tó Mọ Ilé Wọ̀n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Bí òwe yìí bá yẹ ibì kan, ó yẹ orí tábìlì ọ̀gá ayàwòrán-ilé tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe, lọ́jọ́ tó bá jókòó ti lẹ́tà àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ìròyìn ló kún inú wọn bámúbámú: òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo fẹ́ràn àṣà ilẹ̀ wa, mo mọ AutoCAD lò dáadáa, kò sẹ́ni tí n kò lè bá ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ kò sí èyí tó fi hàn bóyá ọmọ yìí lè wọ ilé ogóje ọdún kan láàárọ̀, kó sì jáde nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó ṣeé gbára lé.

Orí ìwọ̀n yìí sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Bó bá jẹ́ ilé tuntun ni, àwòrán ló máa ń ṣáájú, ilé á wá tẹ̀ lé e. Ti ilé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, àwòrán rẹ̀, bó bá tiẹ̀ ní rí, ti sọnù tipẹ́. Àfi kí ẹnì kan gbé téèpù, kó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé òkè, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun lára rẹ̀.

Àwọn ará Èkó kò ní gbàgbé Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ sí Tinubu Square ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ògiri tí ẹnikẹ́ni lè na téèpù sí níbẹ̀ mọ́. Fọ́tò tí wọ́n ti yà, ìwọ̀n àti àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe nígbà tó ṣì wà lóòró, ìyẹn nìkan ló kù. Ọ̀gá tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ ilé wọ̀n fi wúlò fún un ju ẹni tó mọ àwòrán aláràbarà yà lọ.

Nítorí náà, ilé kan ṣoṣo ni kí ọmọ tó ń wáṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, ilé tó ti wọ̀n fúnra rẹ̀. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ilé olókìkí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí Iléṣà tó o, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ inú abúlé náà tó o. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà méjì yìí. Ẹnì kan kọ pé: “Mo ní ìrírí tó jinlẹ̀ nínú wíwọn ilé.” Ẹnì kejì kọ pé: “Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan wọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá ìyá mi fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Èmi ni mo di téèpù mú tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló ń ya fọ́tò. A kò wọ inú àjà, nítorí ikán ti jẹ pákó rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì kò gùn, kò sì fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti mọ irú ilé tó jẹ́, ó mọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe, ó sì mọ ibi tí kò dé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ìwọ̀n náà péye. Ká ní yàrá kan nínú ilé yẹn gùn ní mítà 4.20, ó fẹ̀ ní mítà 3.60, ẹ̀gbẹ́ tó sì kọjú síra wọn dọ́gba. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ó ti parí, kí wọ́n yà á ló kù. Ẹni tó mọ̀ á tún na téèpù ní ìdábùú, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, lọ́nà méjèèjì. Bí igun yàrá náà bá gún régé, mítà 5.53 ni yóò kà ní ọ̀nà kìíní àti ìkejì. Ká wá ní ó ka 5.61 lọ́nà kan, ó ka 5.45 lọ́nà kejì. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò parọ́, síbẹ̀ yàrá ti fì. Bí wọ́n bá yà á bíi pé ó gún, orí ògiri òdìkejì á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kúrò níbi tó wà gan-an, yàrá kejì á jogún àṣìṣe náà, ti ẹ̀kẹta á tún lé e lórí. Ọjọ́ tí káfíńtà bá gbé pákó tí wọ́n fi àwòrán yẹn gé dé ni gbogbo ayé á tó mọ̀.

Nínú lẹ́tà, gbólóhùn kan péré tó láti sọ ọ́: “Mo fi ìdábùú méjì yẹ yàrá kọ̀ọ̀kan wò. Ní yàrá iwájú, wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 16 yàtọ̀ síra, mo sì yà á bó ṣe fì.” Ẹni tó bá ti wọn ilé rí kò nílò àlàyé mìíràn.

Ohun kan náà ni ti ojú ilé níta, níbi tí fèrèsé àti ọwọ̀n pọ̀ sí. Bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbé téèpù ró tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, àṣìṣe mìlímítà márùn-ún péré lẹ́ẹ̀kan á di sẹ̀ǹtímítà márùn-ún nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, bí gbogbo rẹ̀ bá wọ́ sí ọ̀nà kan náà. Ibì kan ni wọ́n ń fi orí téèpù há sí, kí wọ́n máa ka gbogbo etí fèrèsé láti ojú kan náà títí dé òpin ilé.

Wọ́n tún ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tó lanu ni ohun tó ń dán ọmọ tó ń kọ lẹ́tà wò jù, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń fẹ́ fi ìmọ̀ hàn. Á kọ pé ìpìlẹ̀ ilé ti rì, pé ògiri ti fẹ́ wó. Ta ló wú ìpìlẹ̀ náà wò? Iṣẹ́ ẹni tó lọ wọn ilé ni pé kó kọ ohun tójú rẹ̀ rí: ibi tí ojú sísán náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, bó ṣe fẹ̀ tó lókè àti nísàlẹ̀, bóyá ó la ògiri já sí òdìkejì. Kó tún wò ó bóyá ọ̀dà àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀dà bá wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ògiri ti sán kí wọ́n tó kùn ún kẹ́yìn. Bí inú rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tí etí rẹ̀ mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tuntun. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń fẹ̀ sí i, kó fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kó kọ ọjọ́ síbẹ̀, kó máa padà wá wọ̀n ọ́n lóṣooṣù.

Irú èyí náà ni ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tó pọ̀ lọ jàra nílẹ̀ wa. Omi máa ń ráyè wọ inú amọ̀ láti ilẹ̀ tàbí láti ara òrùlé tó ń jò, sìmẹ́ǹtì kì í sì í jẹ́ kó tètè gbẹ jáde. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa rọ̀, sìmẹ́ǹtì á ṣí kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀ ojú ògiri á ṣì máa dán. Ẹni tó bá fi ìka kan ògiri náà á gbọ́ pé ó ń dún bí igbá òfìfo. “Ògiri ẹ̀yìn ń dún bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà kan sókè, mo sì sàmì sí i lórí àwòrán” dára nínú lẹ́tà ju ojú ìwé kan lọ lórí ohun tó fà á. Ìdí rẹ̀ kò tíì yé ọmọ náà tán, ọ̀gá kò sì retí pé kó yé e.

Ti ká máa bu iyọ̀ sọ́rọ̀ ńkọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a. Nínú iṣẹ́ yìí, kì í tó ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń fi àwòrán mọ́ lẹ́tà wọn tí gbogbo ògiri inú rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 225, tí gbogbo igun rẹ̀ sì gún. Mìlímítà 225 ni búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án tí à ń rà lẹ́bàá títì lónìí. Ilé àwọn Àgùdà tàbí ilé amọ̀ wo ni wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yẹn kọ́ nígbà náà? Ọ̀gá á ti mọ̀ pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti wọn ilé náà. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé lẹ́tà ni ojú ewé kan látinú ìwé tí wọ́n kọ níbi iṣẹ́, pẹ̀lú erùpẹ̀ ara rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti fa igi lé nọ́ńbà tí wọ́n tún wọ̀n. Kí àwòrán yàrá kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìdíwọ̀n 1:50, èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún àádọ́ta nínú ilé. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ohun kan wà tí wọn kì í kọ́ni ní kíláàsì, tó sì yẹ kó ní ìlà kan nínú lẹ́tà. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí. Àwọn ajogún pọ̀, àyálégbé wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn kan pé ẹni tó gbé téèpù wá fẹ́ bá wọn ta ilé ni. Ọmọ tó bá kọ pé òun kọ́kọ́ lọ kí olórí ẹbí, òun ṣàlàyé ohun tí òun fẹ́ ṣe, wọ́n sì fún òun láyè ní gbogbo yàrá àyàfi ti ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn, ti sọ fún ọ̀gá pé òun kò ní dá ìjà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Kó má sì fi fọ́tò inú yàrá oníyàrá ránṣẹ́ láìgbàṣẹ.

Bí wọ́n bá wá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìbéèrè kan wà tó wọ́pọ̀: báwo lo ṣe mọ bí ògiri ẹ̀yìn ṣe nípọn tó, nígbà tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò sì ní fèrèsé? Ẹni tó wọ̀n ọ́n á dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Níta, ilé náà jẹ́ mítà 9.74 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nínú, yàrá méjèèjì jẹ́ 4.20 àti 4.31, ògiri àárín wọn, tó wọ̀n lójú ilẹ̀kùn, jẹ́ 0.29. Ìyẹn jẹ́ 8.80, ó wá ku 0.94 fún ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ti iwájú jẹ́ 0.46 lójú fèrèsé, a jẹ́ pé ti ẹ̀yìn jẹ́ 0.48. Ká ní 0.20 ló jáde ni, yálà nọ́ńbà kan ti ṣì, tàbí ògiri ẹ̀yìn ti wó rí tí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù tún un mọ. Á ní láti gbé téèpù padà síbẹ̀ kó tó fa ìlà kankan.