Lẹ́tà sí Ilé-Iṣẹ́ Tí Kò Polówó Iṣẹ́

Lẹ́tà tí ẹnjiníà kọ sí ilé-iṣẹ́ tí kò polówó iṣẹ́ kò ní ìpolówó tó ń dáhùn, nítorí náà inú lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi máa kà á gbọ́dọ̀ wà. Èyí gan-an ni kò sí nínú lẹ́tà tí òǹkàwé kan láti Ìbàdàn fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹnjiníà ẹ̀rọ ni, ó ti lo ọdún mẹ́fà nílé-iṣẹ́ oníke, ó sì fẹ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ohun mímu kan ní Àgbárá. Ó ní òun “lè ṣe iṣẹ́ yòówù tó bá wà”. Ẹni tó bá ka èyí ni yóò wá máa ronú ibi tí yóò fi í sí, kò sì dájú pé yóò ráyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ kì í sábà mọ ẹ̀rọ tó ń da ilé-iṣẹ́ láàmú. Ọ̀gá tó ń bójú tó àtúnṣe ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n, òun ló sì yẹ kí lẹ́tà náà lọ bá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹnjiníà náà lè fi fóònù béèrè orúkọ náà.

Iṣẹ́ tó dára jù tí òǹkàwé yìí ṣe wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì sífíì rẹ̀: “mo dín atẹ́gùn tó ń jò kù.” Òun ló yẹ kó ṣáájú, báyìí:

“Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ̀rọ kankan kò lo atẹ́gùn. Mo fi aago wò ó: nínú ìṣẹ́jú 10, ó ń fi 3 fún atẹ́gùn sínú páìpù. A jẹ́ pé ìdá 30 nínú 100 agbára rẹ̀ ló ń jò dànù. Nígbà tí a pààrọ̀ rọ́bà àti ojú ìsopọ̀ páìpù tó ti gbó, ó di ìṣẹ́jú 1. Bí ẹ̀yin náà bá ń fẹ́ ìgò ike yín fúnra yín, ṣé ẹ lè fún mi ní ìṣẹ́jú 20 kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, sà?”

Ọ̀gá náà lè fi aago tirẹ̀ dán an wò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kí ẹnjiníà má ṣe sọ pé páìpù wọn ń jò, nítorí kò tíì débẹ̀. Kó má sì dárúkọ oníbàárà tàbí iye owó ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá tú àṣírí ọ̀gá kan, èkejì kò ní gbà á gbọ́.

Ojú ìwé kan ti tó. Ní Nàìjíríà, ẹni tí COREN ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni òfin gbà láyè láti máa pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, nítorí náà kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wà lábẹ́ ìbuwọ́lùwé.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kó pè lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, kó béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń pa gbogbo ẹ̀rọ fún àtúnṣe ńlá. Àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń gba ẹnjiníà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn sì ni ọ̀gá yóò fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.