Eré Mólékù Gáàsì Nínú Ilé Ìdáná

Bí páìpù rọ́bà sìlíńdà gáàsì bá ń jò nínú ilé ìdáná kan ní Òkokomáíkò, òórùn rẹ̀ kì í dé yàrá kejì lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí a kọ́ ní kíláàsì físíìsì ni pé eré mólékù gáàsì ju ti mọ́tò lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò eré náà.

Àwọn mólékù kì í sáré dọ́gba, wọn kì í sì í kọjú sí ibì kan náà. Bí a bá ka ìhà tí olúkúlùkù ń lọ mọ́ eré rẹ̀, ìpíndọ́gba gbogbo wọn yóò já sí òdo. Nítorí náà, a ó sọ eré ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a ó wá ìpíndọ́gba, lẹ́yìn náà ni a ó wá gbòǹgbò rẹ̀. Ibi tí èyí já sí nìyí:

v = √(3RT/M)

R jẹ́ 8.314. T ni ìwọ̀n ìgbóná ní Kẹ́lífíìnì, M sì ni ìwúwo mólù kan ní kílógíráàmù.

Ká ní ilé ìdáná náà gbóná tó 27°C. A ó fi 273 kún un, yóò di 300. 3RT wá jẹ́ 7,483. Mólù ọ́síjìn kan wúwo tó 0.032 kílógíráàmù. Bí a bá fi èyí pín 7,483, tí a sì wá gbòǹgbò rẹ̀, a ó rí mítà 484 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Purópéènì, tí ó wà nínú gáàsì ìdáná, wúwo tó 0.044, tirẹ̀ jẹ́ mítà 412. Ìgbóná kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, nítorí náà ìpíndọ́gba agbára ìrìn wọn dọ́gba. Èyí tí ó fúyẹ́ ní láti sáré jù kí agbára rẹ̀ tó lè bá ti èkejì mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìṣirò náà wò lè wá gbòǹgbò 44/32, èyí tí í ṣe 1.17, kí ó sì fi sọ 412 di púpọ̀. Yóò bá 484 níbẹ̀, bí a bá yọwọ́ èéjá kéékèèké.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi 32 gíráàmù sílẹ̀ láìsọ ọ́ di kílógíráàmù. Mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò rí, eré dánfó lójú ọ̀nà Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ! Ìró ohùn pàápàá ń rin nǹkan bíi mítà 347 nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìdáhùn lórí ọ́síjìn bá kéré sí èyí, kí a tún ìṣirò náà wò.

Kí ló wá dé tí òórùn gáàsì fi ń pẹ́? Nínú afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, mólékù kan kì í rìn tó ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún mìlímítà kí ó tó kọlu òmíràn, kí ó sì yà síbòmíràn. Eré náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ó ń yí sí. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà wọlé ni ó ń gbé òórùn náà dé yàrá kejì.