Má Bá Wọn Yí Máàkì Rẹ Padà

Ọmọ mi tó kọ̀wé láti Ìlọrin, mo ka lẹ́tà rẹ nípa másítà tí o fẹ́ lọ ṣe ní Amẹ́ríkà tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé, “Ajẹ́ńtì wa ní kí n fi 4 sọ 4.12 di púpọ̀, kí n pín in sí 5, ó di 3.30, òun náà ni mo kọ sínú sítétímẹ́ǹtì mi, mà,” ńṣe ni mo gbé ìwé náà sílẹ̀ ná. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lè ba ohun rere tó kù nínú ìwé rẹ jẹ́.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò ní àṣìṣe. 4.12 × 4 ÷ 5 jẹ́ 3.296, ẹ sún un dé 3.30. Ohun tí ẹ gbé e kà ni kò dúró. Ẹ gbà pé òṣùwọ̀n tiwa àti tàwọn ará Amẹ́ríkà jọra, pé gígùn nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Bí kóńgò ọjà kan ò ṣe ga tó ti ọjà kejì ni ọ̀rọ̀ yìí rí: iye kóńgò kò sọ bí gàrí ṣe pọ̀ tó, àfi kí a mọ kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ, ẹni tó bá gba 70 ti gba A, ó sì ní póìǹtì 5. Láti 60 dé 69 jẹ́ B, póìǹtì 4. C bẹ̀rẹ̀ láti 50, D láti 45, E láti 40. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, 90 tàbí ibi tó sún mọ́ ọn ni A ti ń bẹ̀rẹ̀, B láti 80, C láti 70. Wọn ò tilẹ̀ ní E.

Wàyí o, mú ọmọ kan tó gba B nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tí máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 65 níbi gbogbo. Níbí, 4.00 nínú 5 ni tirẹ̀. Bí ajẹ́ńtì yín bá bá a ṣe é, yóò di 3.20. Bí ẹni tó ń yẹ gíréèdì kọ̀ọ̀kan wò bá sọ pé B wọn ni B wa, yóò di 3.00. Bí ẹnìkan tí kò mọ nǹkan kan nípa wa bá sì wo 65 lásán, D ni yóò pè é. Ọmọ kan náà, ìwé èsì kan náà, ìdáhùn mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà fi ní òṣìṣẹ́ tiwọn tó ń ṣe ìyípadà yìí, tàbí kí wọ́n ní kí o gba ọ̀dọ̀ àwọn bíi World Education Services lọ, tó ní àtẹ tirẹ̀ tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, gíréèdì kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà tìrẹ bá sọ 3.30 tí tiwọn sì sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń ka fáìlì náà kò ní kọ̀wé sí ọ láti béèrè. Fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ. Yóò kàn máa ṣiyèméjì nípa àwọn nǹkan yòókù tó o sọ.

Ajẹ́ńtì yẹn ń bí mi nínú. O ní owó àjọ ìyá rẹ ni ẹ fi sanwó fún un. Ó gba owó náà, kò sì ka ohun tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ló sọ ọ́ kedere pé kí a kọ máàkì bó ṣe wà lórí tíráńsíkíríìpù, kí a má yí i padà. Àpótí méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ọ̀kan fún nọ́ńbà rẹ, ọ̀kan fún òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, 4.12. Nínú ti kejì, 5. Ó parí. Ẹni tí kò lè ka ìyẹn kò yẹ kó máa gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ọmọkùnrin kan tó wá bá mi nígbà kan. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde lásìkò tí Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń lo òṣùwọ̀n 7. Ohun tó ní ni 5.2, Sẹ́kọ́ńdì Kíláàsì Ọ́pà sì ni, torí 4.6 dé 5.9 ni kíláàsì yẹn wà lórí òṣùwọ̀n náà. Òun náà fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó pín in sí 7, ó di 2.97. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń wá ní kí ẹni tí kò bá dé 3.0 ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọmọ tó ṣe dáadáa yìí bá jókòó, ó kọ ojú ìwé kan gbáko tó fi ń tọrọ àforíjì: àìsàn tó ṣe é, iná tí kò sí, ilé tó jìnnà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ 5.2 nínú 7, kó fi orúkọ kíláàsì náà sí i àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ojú ìwé yẹn ṣófo fún un láti sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Ohun tí ìwọ náà yóò ṣe nìyẹn. Pa 3.30 rẹ́. Pa ìpínrọ̀ tí o ti ní àwọn olùkọ́ yín kì í fúnni ní A rẹ́ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn gbọ́ láti ẹnu rẹ. Ní ipò wọn, kọ gbólóhùn méjì pé o parí pẹ̀lú 4.12 nínú 5.00, pé Sẹ́kọ́ńdì Kíláàsì Ọ́pà ni, tó bẹ̀rẹ̀ láti 3.50 dé 4.49, pé A sì bẹ̀rẹ̀ láti 70 ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Lẹ́yìn náà, lọ wá ìwé ètò ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yín. Wọ́n sábà máa ń to orúkọ síbẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kíláàsì kọ̀ọ̀kan. O ní ẹ̀yin 63 lẹ jáde, pé ẹni méjì péré ló gba Fáàsì Kíláàsì. Bí ìwé náà bá jẹ́rìí sí i, fi sí gbólóhùn kẹta. Ìyẹn ni yóò sọ fún àjèjì pé A ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ yín, láìjẹ́ pé o ṣàròyé. Èyí tó tún dára jù ni kí olùkọ́ tó ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ sọ ọ́. Bẹ̀ ẹ́, kí o sì fún un ní nọ́ńbà náà lórí ìwé.

Bí o bá tún ń kọ̀wé sí Bìrìtìkó, yọ àlàyé kíláàsì náà kúrò. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, àwọn náà sì ń fi 70 bẹ̀rẹ̀ Fáàsì Kíláàsì títí dòní. Ará Amẹ́ríkà ni kò mọ̀ ọ́n.

Ó ku orúkọ àwọn iṣẹ́ tó o ṣe, níbẹ̀ gan-an ni mo sì rò pé o ti ń pàdánù jù. O kọ ọ́ pé o gba A nínú MTH 201, Mathematical Methods I. Ẹni tó ń wá ọmọ fún másítà Sítátísíìkì ní Amẹ́ríkà ń wo ìwé rẹ láti rí Multivariable Calculus àti Linear Algebra. Linear Algebra ń jẹ́ orúkọ kan náà níbí, yóò rí i. Ṣùgbọ́n Mathematical Methods I kò sọ nǹkan kan fún un. Bẹ́ẹ̀, nínú ètò ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC là sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́ fọ́ńkíṣọ̀n tó ní fáríábù méjì àti mẹ́ta, bí a ti ń wá ibi tó ga jù àti ibi tó lọ sílẹ̀ jù pẹ̀lú ọ̀nà Lagrange, àti ìńtígírà onílọ́po. Ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn, ó wà lábẹ́ orúkọ tí kò mọ̀.

Má yí orúkọ náà padà o. Mo ti rí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tó wà nínú sítétímẹ́ǹtì wọn kò bá ti tíráńsíkíríìpù mu, ó wá dà bí irọ́. Lọ gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀ka yín, ti ọdún tí ìwọ ṣe é, kí o wò ó bóyá gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́ yín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ náà bó ṣe wà, kí o fi gbólóhùn kan sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti pé òun ni wọ́n ń pè ní Multivariable Calculus lọ́dọ̀ wọn. Bí wọn ò bá dé ìńtígírà onílọ́po, má kọ ọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni kí o ṣe báyìí fún, àwọn tí másítà náà dúró lé. Má fi GST kankan gba àyè.

Mo ti bá ọ sọ ọ̀rọ̀ líle, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Wò ó, ibì kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí o kàn kọjá lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́, èmi sì kà á lẹ́ẹ̀mejì: pé ní SIWES rẹ, ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó káàdì aláìsàn sí ní ọsibítù ni wọ́n fi ọ́ sí, pé fún oṣù mẹ́fà o ń fi ọwọ́ ko àkọsílẹ̀ ibà látinú káàdì tó ti gbó sínú kọ̀ǹpútà, pé níbẹ̀ ni o ti rí i pé àkọsílẹ̀ máa ń dín kù ní oṣù tí òjò pọ̀ jù nígbà tó yẹ kí ibà pọ̀, torí àwọn èèyàn kò lè dé ọsibítù. Iṣẹ́ àṣejáde rẹ ti ibẹ̀ wá. Lórí tíráńsíkíríìpù, lẹ́tà márùn-ún péré ni SIWES. Àjèjì kò mọ̀ pé ètò ìjọba ni, láti 1973, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́ gidi fún oṣù púpọ̀. Sọ ọ́ fún un. Fi káàdì wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kí 4.12 rẹ dúró sí ìpínrọ̀ kẹta pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń ti fọ́ọ̀mù wọn ní oṣù Kejìlá. Fi èyí tó o bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Kọkànlá tó parí, màá kà á. Kí o sì bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má san owó tó kù fún ajẹ́ńtì yẹn.