Ẹ Ka Fọ́tò Náà Dáadáa Kí Ẹ Tó Yanjú Ìṣirò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn àgbà ní ìṣirò ní Òkè-Afá, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá kan ti Òṣòdì bọ́ sínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn iṣẹ́, ó dé kílàásì alẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀, ó sì ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ wéréwéré kí wọ́n tó nù ún. Ìgbà tó délé ló rí i pé òun ò lóye rẹ̀. Ó ya ìwé rẹ̀ ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe èyí."

Ẹ má tíì ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ ti da ìbéèrè kọ lẹ́ẹ̀kan, fóònù sì tún dà á kọ lẹ́ẹ̀kejì. Nǹkan lè sọnù nígbà méjèèjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti sọnù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò. Ohun tó hàn nínú fọ́tò ni 3ˣ + 1 = 81. Bí ẹ bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, 3ˣ = 80 ni. Bẹ́ẹ̀, 3³ jẹ́ 27, 3⁴ sì jẹ́ 81, nítorí náà x kò pé 4 rárá. Nǹkan bíi 3.99 ni. Lọ́gárídímù nìkan ló lè gbé ìdáhùn yẹn jáde, kílàásì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ índísììsì kò sì tíì débẹ̀. Bí ìdáhùn bá ju ìpele kílàásì lọ báyìí, ẹ padà wo fọ́tò. Ẹ ó rí i pé a kọ + 1 náà kéré ju 81 lọ, ó sì ga díẹ̀ ju ìlà ìwé. Ó jọ pé 3ˣ⁺¹ = 81 ni tíṣà kílàásì kọ: 81 jẹ́ 3⁴, x + 1 = 4, x = 3.

Síbẹ̀, ẹ má dá a ṣe. Ẹ bi í: "Màmá, ṣé + 1 yẹn wà lókè pẹ̀lú x, àbí ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3?" Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i ní 3^(x+1), kí ó fi wé ìwé rẹ̀. Bí ó bá fi ohùn kà á fún yín, ìyẹn nìkan kò tó, nítorí ohùn kì í sọ ibi tí agbára parí sí.

Àṣìṣe mìíràn wà tí fọ́tò kò dá sílẹ̀. Ìwé lè mọ́lẹ̀ kedere, kí ó fi x² − 5x − 6 = 0 hàn, kí ìdáhùn tí tíṣà kọ sísàlẹ̀ sì jẹ́ 2 àti 3. Ẹ ro ìdáhùn méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí 5. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ẹ ó rí 6. Nítorí náà + 6 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ − 6 lóòótọ́ ni, ìdáhùn ì bá jẹ́ 6 àti −1. Ó ṣeé ṣe kí ìlà òòró àmì + ti fẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ìlà ìwé sì lè gbé àmì ìyọkúrò mì pátápátá nígbà mìíràn.

Tí ìbéèrè bá ti dá yín lójú, ẹ ní kí ó ya ibi tó ti gbìyànjú rẹ̀ fún yín pẹ̀lú. Ẹ lè rí i pé ó dé x + 1 = 4 dáadáa, ó wá kọ x = 5. Ẹ má fi gbogbo ìdáhùn ránṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé: "Ẹ fi 5 sípò x, ẹ wò ó bóyá yóò jẹ́ 81." Yóò rí 3⁶, tí í ṣe 729. Ìgbà náà ni yóò fúnra rẹ̀ béèrè ibi tí 1 náà gbà lọ, ẹ ó sì sọ fún un pé a ń yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni. Nínú GCE, WAEC máa ń fún ọ̀nà ìṣirò ní máàkì, kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Ìlà tó kọ́ láti kọ fúnra rẹ̀ ni yóò wúlò fún un lọ́jọ́ ìdánwò.

Fún ti fọ́tò tó ń bọ̀, ẹ ní kí ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji ọwọ́ má bàa bo ọ̀rọ̀, kí fóònù dojú kọ ìwé tààrà, kí ìlà tó ṣáájú ìbéèrè àti èyí tó tẹ̀ lé e sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, Wásáàpù kò ní fún un pọ̀ bíi fọ́tò lásán. Bí pẹ́ńsù bá ti ṣá jù, kò sí fọ́tò tó lè gbà á là: ẹ ní kí ó fi báírò tún ìbéèrè náà kọ gàdàgbà sísàlẹ̀ kí ó tó yà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà, níbi tó ti ń tún un kọ ni yóò ti rí àmì tó fò.